Bí a ṣe ń díwọ̀n kómà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìfarapa ọpọlọ fúyẹ́ tàbí ó le

Ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìjàm̀bá ní Adó-Èkìtì máa ń bá nínú ìwé àwọn tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn ni èyí: "GCS 8/15", ìyẹn Glasgow Coma Scale, òǹkà tí a fi ń díwọ̀n kómà. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ bóyá aláìsàn náà lajú, bóyá ó fọhùn, tàbí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n fún un ní ìrora. A ó wá dá tiwa wò, a ó rí 8, a ó sì rò pé kò yí padà láti ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ tó ń wá ibi ìrora kiri ní wákàtí kan sẹ́yìn ti ń ká wọ àyà báyìí. Mẹ́jọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nọ́ọ̀sì, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń dá wà ní ilé ìwòsàn kékeré. Àgbàlagbà ni mo ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o. Ọmọ ọwọ́ ní òǹkà ohùn tirẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ mọ́ dáadáa, bírò kan, aago, ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka láti mọ iye ọ́síjìn, ẹ̀rọ ìfúnpá, àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ìwé tó ní ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: E fún ojú, V fún ohùn, M fún ìṣípòpadà ara. Bí kò bá sí fọ́ọ̀mù, ẹ fi rúlà fa ìlà náà fúnra yín. Ẹ tún nílò ará ilé aláìsàn kan tó mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má dáhùn fún un.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tó lè ba òǹkà jẹ́ wò

Ọ̀nà èémí, mímí àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ṣáájú òǹkà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di orí àti ọrùn mú kó má mì, torí ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà lè ti ṣẹ́ egungun ọrùn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo ohun mẹ́ta: ọ́síjìn, ìfúnpá, ṣúgà. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá wálẹ̀ gan-an lè mú ènìyàn dákú láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa. Ẹ béèrè bóyá gìrì ti mú un, torí ẹni tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń sùn fọnfọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ béèrè oògùn tí wọ́n ti fún un níbi tó ti wá.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù ni ọtí. Bí aláìsàn bá ti ń rùn ẹmu tàbí ògógóró, àwọn èèyàn á ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn, ọtí ló ń dà á láàmú." Ọtí lè dín òǹkà kù lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó mu ọtí lè ní ẹ̀jẹ̀ nínú agbárí pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ fara pa títí ẹ̀rí tó dájú yóò fi sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ tún wò ó bóyá nǹkan kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ lè dá apá kan nínú òǹkà náà wò rárá: ojú tó wú pa pátápátá, túùbù nínú ọ̀nà ọ̀fun, etí dídi, rọpárọsẹ̀ àtijọ́, apá tó kán, ọ̀pá ẹ̀yìn tó fara pa. Apá tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dí, NT ni ẹ ó kọ síbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ kọ 1. Ohun tí 1 ń sọ ni pé ẹ dán an wò, kò sì sí èsì. NT ń sọ pé kò ṣeé dán wò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọ́síjìn, ìfúnpá àti ṣúgà ti wà lórí ìwé pẹ̀lú aago, ẹ sì lè dárúkọ ohun tó dí ojú, ohùn tàbí ara, bí ó bá wà.

Ìpele 2: Ojú

Ẹ dúró níbi tó ti lè rí yín, kí ẹ wò ó ná láìsọ̀rọ̀. Bí ojú bá là fúnra rẹ̀, 4 ni. Bí kò bá là, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè; bó bá là, 3 ni. Bí kò bá tíì là, ẹ fi bírò tẹ ẹ̀gbẹ́ èékánná ìka rẹ̀ kan, kí ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bó bá là, 2. Bí kò bá là rárá, 1.

Ẹ má fi títẹ òkè ojú dán ojú wò. Ẹni tí a bá tẹ̀ níbẹ̀ máa ń fún ojú pọ̀ ni, ẹ ó sì kọ 1 fún ẹni tí 2 tọ́ sí. Ohun kejì ni ariwo: bí ẹbí bá ń gbàdúrà kíkankíkan lórí rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ojú là fúnra rẹ̀ ni àbí ohùn ló là á. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè sọ ohun tó la ojú náà: òun fúnra rẹ̀, ohùn yín, tàbí ìka yín. Ojú tó là kò túmọ̀ sí pé ẹni náà mọ ohun tó ń lọ.

Ìpele 3: Ohùn

Ìbéèrè mẹ́ta ni: kí lorúkọ yín, ibo lẹ wà yìí, inú oṣù wo la wà? Ẹni tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 5. Ẹni tó ń sọ gbólóhùn tó já gaara, tó ń bá yín fọ̀rọ̀ wérọ̀, ṣùgbọ́n tó ṣi ọ̀kan lára wọn, 4 ni. Ẹni tó kàn ń ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tí kò bá ìbéèrè mu, 3. Ẹni tó ń kérora láìsí ọ̀rọ̀, 2. Ẹni tí kò dún, 1.

Ní àárín wa níhìn-ín, 3 àti 2 ló máa ń dojú rú. "Yéè!" àti "hùn-ún" jẹ́ igbe lásán, 2 ni. "Ìyá mi o!" tàbí "Jésù! Jésù!" tó ń sọ láìdáwọ́ dúró jẹ́ ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ yékéyéké, àmọ́ kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀, nítorí náà 3 ni. Ó máa ń dun ẹbí bí a bá sọ pé ẹni tó ń pe Ọlọ́run kò tíì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n òǹkà la ń wá, a kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì ní Èkìtì ni èdè. Màmá àgbà láti abúlé kan lè máa dáhùn ní Èkìtì tó jinlẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó dàgbà sí Èkó sì kọ "ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yéni", ìyẹn ni pé ó yọ òǹkà kan tàbí méjì kúrò lára ẹni tí orí rẹ̀ pé. Ẹ pe ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka èdè rẹ̀ kó tẹ́tí sí i pẹ̀lú yín. Bó bá sì jẹ́ pé màmá kì í ka oṣù òyìnbó láti ilé wá, ẹ bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó máa ń mọ̀ tẹ́lẹ̀: bóyá Àwẹ̀ ti dé, bóyá Àjíǹde ti kọjá, ọjọ́ ìsinmi wo ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ lò sílẹ̀ kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè lo irú kan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà. Bí ẹ ò bá lè rántí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ tún un dán wò.

Ìpele 4: Ìṣípòpadà ara

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jùlọ, torí M ló ń sọ púpọ̀ jù nípa bí ọpọlọ ṣe bàjẹ́ tó lára ẹni tó dákú, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kì í ti í bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Bàbá, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀. Ó yá, ẹ tú u sílẹ̀." Apá méjèèjì ni kí ẹ sọ, torí ọwọ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa lè dìrọ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn án láìmọ̀. Ẹni tó fún un pọ̀ tó sì tú u sílẹ̀ ló gbọ́ràn. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti fara pa, ẹ ní kó yọ ahọ́n síta. Ẹni tó ṣe é ní 6.

Bí kò bá ṣe é, ìrora ló kàn. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ èékánná ná, kí ẹ wo apá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì fún iṣan tó wà láàárín ọrùn àti èjìká pọ̀. Bí kò bá sí èsì, ẹ tẹ kòtò kékeré tó wà létí òkè ojú, lábẹ́ irun ojú, àyàfi tí egungun ojú bá kán. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá.

Ohun tí ẹ ó wò rèé. Bí ọwọ́ bá gòkè kọjá egungun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, tó lọ sí ibi tí ẹ ti ń fún un ní ìrora ní èjìká tàbí ní orí, 5 ni: ó wá ìrora náà lọ. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká kíákíá, tí apá sì yà kúrò lára, tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí bákan náà lẹ́ẹ̀kejì, 4 ni. Bí ó bá ká díẹ̀díẹ̀, tí apá gba orí àyà kọjá, tí ọrùn ọwọ́ tẹ̀, tí àtàǹpàkò sì wọ inú ìkúùkù, tí ẹsẹ̀ ń nà gan, 3 ni, ìká tí kò dára. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá nà gbọnrangandan, 2. Bí ohunkóhun kò bá mì, 1.

Èéṣe tí mo fi ní kí ẹ lo èjìká? Bí ìrora bá wà ní ìka nìkan, ẹ ò lè mọ 5 yàtọ̀ sí 4, torí kò sí ibi tí ọwọ́ náà fẹ́ lọ. Ìdí kan náà ni mi ò fi gba fífi ìkúùkù ra egungun igbá-àyà. Ọwọ́ tó ká wá sí àyà lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 3, torí orí àyà kan náà ni méjèèjì ń já sí. Ó tún ń bó awọ ara. Ẹsẹ̀ náà kò ṣeé lò fún òǹkà: bí a bá tẹ ìka ẹsẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn nìkan lè fà á sẹ́yìn láìjẹ́ pé ọpọlọ mọ̀ sí i.

Bí apá ọ̀tún bá ṣe 5, tí apá òsì ṣe 3, 5 ni ẹ ó kọ, torí èyí tó dára jù la ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ gbangba sí ìsàlẹ̀ pé apá òsì rọ. Àìdọ́gba yẹn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi apá ara yín ṣe ohun tí aláìsàn ṣe kí ẹnì kejì rí i. Bí ó bá dárúkọ òǹkà kan náà, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá yàtọ̀ síra, ẹ jọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìpele 5: Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì tan iná sí ọmọlójú

Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kọ àròpọ̀: `E2V3M5 = 10`, pẹ̀lú aago. Bí NT bá wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe ròó pọ̀ rárá: `E4 V NT M5` ti tó.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ bí ọmọlójú ṣe tóbi tó, àti bóyá ó sún kì nígbà tí iná bá a. Iye ọmọlójú tí kò bá dáhùn sí iná ni ẹ ó yọ kúrò nínú àròpọ̀: kò sí, ọ̀kan, tàbí méjì. Ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní `GCS-P` nìyẹn, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé 1.

Ọ̀rọ̀ kan nípa kómà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé 8 sí ìsàlẹ̀ ni kómà. Ẹni tó wà ní kómà ni ẹni tí kò lajú, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, tí kò sì gbọ́ràn. `E1V2M5` jẹ́ 8, kómà ni. `E4V1M3` náà jẹ́ 8, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kalẹ̀, kì í ṣe kómà. Àròpọ̀ nìkan kò lè fi èyí hàn yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹni tí kò rí aláìsàn rí ka ìlà tí ẹ kọ, ó sì lè sọ fún yín bí ẹni náà ṣe sùn sílẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ wá sọ bí ìfarapa náà ṣe le tó

Òǹkà 13 sí 15 ni a ń pè ní ìfarapa ọpọlọ tó fúyẹ́, 9 sí 12 ni ti àárín, 3 sí 8 ni èyí tó le. Òǹkà tí a fi ń pín wọn ni èyí tí a rí lẹ́yìn tí a ti tún mímí àti ìfúnpá ṣe. A kì í lo ti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti fẹ́ fún un ní oògùn orun kí wọ́n tó fi túùbù sí i, èyí tó gbẹ̀yìn kí oògùn tó wọlé ni kí ẹ lò.

Nǹkan méjì mìíràn ń bá òǹkà rìn: bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó jí, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ọpọlọ rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀rọ̀ mú. Bí kò bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó jí, tí àìrántí rẹ̀ kò sì pé ọjọ́ kan, ó fúyẹ́. Bí ó bá dákú ju wákàtí 24 lọ, tàbí tí àìrántí ju ọjọ́ méje lọ, ó le. Ohun tó wà láàárín jẹ́ ti àárín. Bí wọn kò bá bára mu, èyí tó burú jù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Láti mọ àìrántí, ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ rántí?" Ẹ ní: "Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ rántí, kí ló tẹ̀ lé e?" Ẹ jẹ́ kó máa tò ó lọ títí ìtàn yóò fi so pọ̀ láìsí àlàfo. Ohun tí ẹbí sọ fún un lẹ́yìn náà kì í ṣe ohun tó rántí.

Ọ̀rọ̀ náà "fúyẹ́" ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó wà ní 13 àti ẹni tó wà ní 15 kò dọ́gba, síkáànù ọpọlọ sì lè fi ẹ̀jẹ̀ hàn lára ẹni tó wà ní 14.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 34, ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ní bíi aago méje alẹ́, kò dé akoto. Ó dé ní 7:40, ó ń rùn ẹmu. A pè é, kò lajú. A tẹ èékánná, ó là: 2. Ó ń sọ "Omi… ẹ̀gbọ́n mi…" láìbá ìbéèrè mu: 3. Kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n nígbà tí a fún èjìká rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún gòkè wá sí èjìká: 5. Àròpọ̀ jẹ́ 10. Ẹni tó bá kánjú á kọ "ti àárín, pẹ̀lú ọtí", á sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 83, ìfúnpá 84/50, egungun itan rẹ̀ sì ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú rẹ̀. Ṣúgà dára.

A fún un ní ọ́síjìn àti omi ara, a di itan náà. Ní 8:25, ọ́síjìn jẹ́ 97, ìfúnpá 118/72. Ojú là nígbà tí a pè é, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ó rò pé Iléṣà lòun wà, ó fún ọwọ́ wa pọ̀ ó sì tú u sílẹ̀: `E3V4M6 = 13`. Ọmọlójú méjèèjì dáhùn. Òǹkà ìpín rẹ̀ nìyí: fúyẹ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ìpín náà.

Ní 9:00, wákàtí méjì lẹ́yìn ìjàm̀bá, ó jẹ́ `E4V4M6 = 14`. Ẹbí ń dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tí kò bá tíì dé 15 lẹ́yìn wákàtí méjì gbọ́dọ̀ lọ fún síkáànù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ní 9:30, `E2V2M5 = 9`. Ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀, iná kò mú un sún kì. Apá òsì kò lágbára mọ́. GCS-P rẹ̀ jẹ́ 8. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ ọpọlọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni a ti ń gbé ìgbèrí ibùsùn sókè láìtẹ ọrùn, tí a ń pe dókítà tó mọ ọ̀nà èémí àti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú fáìlì, ìpín àkọ́kọ́ kò ní parẹ́: a ó kọ 13 ti 8:25 àti 9 ti 9:30 pẹ̀lú aago wọn, ìtọ́jú á sì tẹ̀ lé bó ṣe wà ní ìsinsìnyí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìpín tí ẹ kọ, òǹkà mẹ́ta, aago, ọ́síjìn àti ìfúnpá ìgbà náà wà níbẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni títí yóò fi pé 15. Bó bá ti pé 15, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, kó di wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn náà wákàtí méjì méjì. Bí òǹkà kan bá wálẹ̀ tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pe dókítà. Bí M bá fi méjì wálẹ̀, tàbí E tàbí V fi mẹ́ta, tàbí ọmọlójú kò dọ́gba mọ́, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín ní òru pé "ó kàn ń sùn ni". Ẹ jí i.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bá ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, kí wọ́n jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí wọ́n jọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bí aláìsàn bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó, ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì sọ ọ́ báyìí: "Ọkùnrin, ọmọ ọdún 34, ọ̀kadà ní aago méje. Lẹ́yìn ọ́síjìn àti omi ara, ojú 3, ohùn 4, ara 6 ní 8:25. Ojú 2, ohùn 2, ara 5 ní 9:30. Ọmọlójú ọ̀tún fẹ̀, kò dáhùn. Apá òsì rọ. Wọn kò tíì fún un ní oògùn orun." Ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ tún òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà padà fún yín, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti aago sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọkọ̀, torí òun ni yóò tún un dán wò lójú ọ̀nà.